Fọ́tò àtijọ́ ìdílé wa: dpi mélòó ni kí n fi síkáànì wọn, irú fáìlì wo ni kí n sì fi pamọ́?

Àǹkẹ́_O
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fọ́tò àwọn òbí wa kún inú páálí kan lọ́wọ́ mi báyìí, mo sì fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Àwọn kéékèèké náà wà níbẹ̀, bíi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, dúdú àti funfun. Àwọn kan sì wà tí ojú pépà wọn rí hágahàga, tí èèyàn bá fọwọ́ pa á, á mọ̀ pé kò dán.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ní síkánà lórí ni mo ní. Áàpù ẹ̀ ní kí n yan láti 75 dpi títí dé 9600. Àbúrò mi ní kí n yan èyí tó ga jù lọ, kọ́rọ̀ parí síbẹ̀. Mi ò fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì o. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́: mélòó ni kí n yàn, kí sì ni kí n fi pamọ́, ṣé JPEG ni àbí TIFF?

Bọ̀dá Táyọ̀
300 dpi, ó parí. Òun náà ni àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn aláwọ̀ mèremère ń lò. Ẹ fi JPEG pamọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi TIFF dẹ́rù bà yín. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa ṣọ́ra fún ni pé kẹ́ ẹ má máa ṣí JPEG yẹn wò ṣáá, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i ló ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Olùṣọ́ Àwòrán
Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀, 300 yín ò burú, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ tẹ fọ́tò náà jáde padà bó ṣe tóbi tẹ́lẹ̀ ló wà fún. Tí Àǹkẹ́ bá fẹ́ mú ojú ìyá ẹ̀ nìkan jáde nínú fọ́tò tí èèyàn mẹ́wàá dúró sí, 300 ò ní lè gbé e. Ti JPEG tẹ́ ẹ sọ yẹn, ṣíṣí i wò kì í ba nǹkan kan jẹ́, dída á kọ síbòmíì náà kì í bà á jẹ́. Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe tẹ́ ẹ sì tún fi pamọ́ sí JPEG ló ń pàdánù díẹ̀, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún un fi pamọ́.

Àǹkẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ínǹṣì 4 sí 6. Tí ẹ bá yan 600 dpi, ẹ̀rọ máa ka píkísẹ́lì 600 nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 2400 sí 3600. Píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan máa ń gba báìtì mẹ́ta tó bá jẹ́ aláwọ̀, torí náà TIFF tí wọn ò fún pọ̀ á tó mẹ́gábáìtì 26. Tẹ́ ẹ bá sọ dpi di 1200, fáìlì á di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bíi 104. Ní 9600 tí àbúrò yín ń wí, fọ́tò kan ṣoṣo á ju gígábáìtì 6 lọ, bẹ́ẹ̀ TIFF gan-an kì í lè kọjá 4.

Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé síkánà yín ò rí 9600 kankan. Áàpù ló ń wo píkísẹ́lì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó wá ń méfò èyí tó yẹ kó wà láàárín. Ẹ lọ wo ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Optical Resolution sí. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà méjì, bíi 1200 x 2400, èyí tó kéré níbẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́. Ìyẹn ni iye tí ojú ẹ̀rọ náà lè rí ní ti tòótọ́.

Ẹ má kàn gba nọ́ńbà lẹ́nu mi o. Ẹ mú fọ́tò tó mọ́ jù nínú páálí yẹn, ẹ fi àpótí inú áàpù yí ojú ẹnì kan ká, kẹ́ ẹ wá síkáànì ibẹ̀ nìkan ní 300, 600 àti 1200. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ fẹ̀ wọ́n dọ́gba lójú kọ̀ǹpútà. Nǹkan tó ní etí tó mú ni kẹ́ ẹ máa wò: irun ìpéǹpéjú, bọ́tìnnì, yẹtí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ògiri. Ibi tí nǹkan tuntun ò bá ti yọ mọ́ ni kẹ́ ẹ dúró sí.

Àǹkẹ́_O
Mo ti ṣe é. Fọ́tò tí àwọn òbí mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn jọ yà, aláwọ̀ ni. Ní 300, yẹtí màámi kàn rí roboto bí ẹ̀kán. Ní 600, mo rí i pé òrùka ni, ihò àárín ẹ̀ hàn. Nígbà tí mo dé 1200, yẹtí yẹn ò yí padà rárá, àfi pé mo wá ń rí àwọn hóró kéékèèké lójú pépà àti ibi tó ti họ.

Àmọ́ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù bàbá mi ya èmi náà lẹ́nu. Dúdú àti funfun ni. Ní 600, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì wọn kàn funfun lásán ni. Ní 1200, ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán etí kọ́là náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan! Kí ló fà á tí èyí tó kéré fi gba dpi ju èyí tó tóbi lọ?

Olùṣọ́ Àwòrán
Ìdí méjì ló ní. Àkọ́kọ́, ó kéré. Fọ́tò tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.5 sí 4.5, tẹ́ ẹ bá fi 300 síkáànì ẹ̀, píkísẹ́lì 413 sí 531 péré lẹ máa rí. Kò tó nǹkan kan. Ní 1200, ó di bíi 1650 sí 2130, èèyàn sì lè tẹ ìyẹn jáde tóbi dáadáa.

Ìkejì, ọ̀pọ̀ fọ́tò kékeré dúdú àti funfun ayé àtijọ́ jẹ́ èyí tí wọ́n gbé fíìmù lé pépà lórí tààrà, tí wọ́n wá tan iná sí i. Wọn ò fẹ̀ ẹ́, torí náà gbogbo ohun tó wà lára fíìmù ló bọ́ sórí pépà. Ti aláwọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lọ́pọ̀ ní ilé ìfọfọ́tò, wọ́n ti fẹ ìyẹn láti ara fíìmù kékeré, pépà ẹ̀ kì í sábà ní ohun tó máa fún yín lẹ́yìn 600.

Tìrẹ ti yanjú nìyẹn: 600 fún èyí tó pọ̀ jù, 1200 fún àwọn kéékèèké.

Ìyá Méjì
Ẹ kú àlàyé. Èmi ti fi 1200 sí tèmi o, kò mú rárá, ńṣe ló ṣú. Ṣé kí n wá lo 2400 ni? Fọ́tò ìyá ìyá mi ni, inú férémù ló wà, ó ti lẹ̀ mọ́ dígí ẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, mo kàn gbé férémù náà lé síkánà bó ṣe wà.

Olùṣọ́ Àwòrán
Àǹtí, dpi kọ́ ló fà á o. Síkánà tó wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ojú dígí ẹ̀ gan-an ló máa ń rí kedere. Tí nǹkan bá ti fi mílímítà bíi mélòó kan gbé sókè kúrò níbẹ̀, ó ti ń ṣú nìyẹn. Dígí férémù yín àti igi tó yí i ká ti gbé fọ́tò náà sókè. Tẹ́ ẹ bá lo 2400, fọ́tò tó ṣú náà lẹ máa rí, á kàn tóbi sí i ni. Àwọn síkánà kan wà tó jókòó lọ́tọ̀, tó nípọn, tó ní lẹ́ńsì nínú. Àwọn yẹn máa ń fara da nǹkan bẹ́ẹ̀ díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbìyànjú láti ṣí fọ́tò yẹn kúrò lára dígí. Ojú fọ́tò ló lẹ̀ mọ́ ọn, ojú ẹ̀ náà ló máa ya. Ẹ fi kámẹ́rà yà á bó ṣe wà. Kí iná méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì àti ọ̀tún, kí wọ́n dagun sí i, kí kámẹ́rà sì dojú kọ ọ́ gbọọrọ.

Àǹkẹ́, kí ìwọ náà fi èyí sọ́kàn: fọ́tò tó bá ti ká kò, ibi tó gbé sókè lára ẹ̀ á ṣú, ibi tó kan dígí á mọ́. Tó o bá rí i pé ojú ẹnì kan mọ́ tí ti ẹni tó wà ní etí fọ́tò ò mọ́, ìyẹn ló fà á. Fi ìwé tí kò wúwo jù lé ọmọrí síkánà lórí. Fọ́tò tó bá ti gan, má fi ipá tẹ́ ẹ o, á sán.

Kọ́lápọ̀
Mo ní ti èmi láti sọ lórí TIFF. Fọ́tò ìdílé wa ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ, háàdì dísìkì kékeré kan ni mo sì ní. Tí mo bá fi mẹ́gábáìtì 26 sọ gbogbo ẹ̀ di TIFF, gígábáìtì 130 nìyẹn, mo sì fẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta. JPEG tí mo fà sí 95 nínú 100 ni mo lò. Mo fẹ̀ ẹ́, mo wò ó títí, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan sí TIFF.

Olùṣọ́ Àwòrán
O ò lè rí i lóòótọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ ti máa yọ ni ìgbà tó o bá fẹ́ tún àwọ̀ fọ́tò tó ti ṣá ṣe. Tó o bá fa òkùnkùn inú ẹ̀ sókè, àwọn àpótí kéékèèké tí JPEG fi pín àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, pàápàá ní ojú ọ̀run àti lára ògiri tó dán. TIFF kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, TIFF ni kí èèyàn tọ́jú bí ojúlówó tí kò ní fọwọ́ kàn mọ́, kó wá ti ara ẹ̀ yọ JPEG tó máa fi ránṣẹ́ sáwọn ẹbí.

Kọ́lápọ̀
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, àmọ́ TIFF tí èèyàn ò rí ibi kó o sí kò wúlò ju JPEG tó wà níbi mẹ́ta lọ. Mi ò kúrò lórí tèmi.

Olùṣọ́ Àwòrán
Mi ò bá ẹ jà lórí ìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta JPEG tàbí ẹ̀dà kan TIFF, èmi náà á mú JPEG. Ti Àǹkẹ́ ò pọ̀ tó tìrẹ ni.

Àǹkẹ́_O
Tèmi ò ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ, ìyẹn bíi gígábáìtì 13. Mo máa ṣe TIFF. Áàpù ń bi mí bóyá LZW ni àbí None, ó sì ń bi mí bóyá Color ni àbí Grayscale. Ó tún ti fàmì sí Auto Tone, Unsharp Mask àti Dust Removal fúnra ẹ̀. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Olùṣọ́ Àwòrán
LZW ń fún fáìlì pọ̀ láìsọ nǹkan kan nù, None ò sì fún un pọ̀ rárá. Èyí tó bá wù ẹ́ nínú méjèèjì. Àwọn mẹ́ta tó kù, yọ àmì kúrò lára gbogbo wọn, èyí sì ṣe pàtàkì ju bóyá 600 ni àbí 800 lọ.

Auto Tone máa ń wá ibi tó funfun jù nínú fọ́tò, á tì í dé òpin funfun. Gbé fọ́tò ìyàwó tó wọ aṣọ funfun síbẹ̀ kó o wò ó. Lára pépà, o ṣì ń rí ìṣẹ́po aṣọ àti òdòdó tí wọ́n rán sí i. Nínú fáìlì, gbogbo ẹ̀ ti di funfun gbáà, kò sì sí áàpù tó lè dá a padà torí síkánà ò kọ ọ́ sílẹ̀ rárá. Bó o ṣe máa mọ̀ ni pé kó o ṣí Histogram nínú áàpù, ìyẹn àtẹ tó ń to òkùnkùn inú fọ́tò sápá òsì àti funfun sápá ọ̀tún. Tí òkè tó wà níbẹ̀ bá gun ògiri ọ̀tún lọ, ó ti gé funfun nìyẹn. Tó bá gun ògiri òsì, òkùnkùn ló gé, irun àti kóòtù dúdú á sì di ọ̀kan náà. Jẹ́ kí àyè díẹ̀ wà lápá méjèèjì. Fáìlì náà á rí bí ẹni pé kò tàn tó. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà JPEG lo máa tún ṣe.

Unsharp Mask á fi ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí nǹkan ká. Dust Removal ò mọ eruku yàtọ̀ sí àmì tó wà lójú èèyàn, mo ti rí i tó nu àmì ara tó wà lójú ọmọdé kúrò. Lo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aṣọ fi nu dígí síkánà, kó o sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ojú fọ́tò. Má fi omi kàn án.

Ti Color tàbí Grayscale: yan Color, 24-bit, ìyẹn báìtì mẹ́ta fún píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan, kódà fún dúdú àti funfun. Ọ̀pọ̀ wọn ti pọ́n tàbí kí wọ́n ti ní àbààwọ́n ìyeyè, bírò aláwọ̀ aró sì lè wà lára wọn. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ lo fi mú un, o lè mú àbààwọ́n ìyeyè yẹn kúrò lọ́jọ́ iwájú. Tó bá jẹ́ Grayscale, àbààwọ́n náà á di òkùnkùn bíi ti ojú èèyàn, o ò ní mọ èwo ni èwo.

Bọ̀dá Táyọ̀
Èyí tí mo gbà pẹ̀lú yín gan-an nìyí. Àmọ́ fún àwọn tí pépà wọn rí hágahàga yẹn, kò sí ọgbọ́n míì ju kí wọ́n fi Dust Removal sí i, kó lè pa àwọn àmì funfun yẹn.

Àǹkẹ́_O
Bọ̀dá mi, mo dán ìyẹn wò, ó pa àmì funfun lóòótọ́, ó sì pa irun ojú bàbá mi mọ́ ọn.

Olùṣọ́ Àwòrán
Àmì funfun yẹn, ìmọ́lẹ̀ ni. Iná inú síkánà ń ti apá kan wá, ó ń kọ mọ̀nà lára gbogbo gegele kékeré tó wà lójú pépà náà. Gbé fọ́tò sí i, síkáànì ẹ̀. Lẹ́yìn náà yí i po kí orí ẹ̀ di ìsàlẹ̀, kó o tún síkáànì ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á kan ẹ̀gbẹ́ kejì àwọn gegele yẹn báyìí. Nínú GIMP, ìyẹn áàpù tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, yí èkejì padà sípò, gbé e lé àkọ́kọ́ lórí, tò wọ́n kí wọ́n bára mu, kó o wá yan Darken only. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, èyí tó dúdú jù nínú méjèèjì ló máa gbà, àwọn àmì funfun á sì pòórá. Tọ́jú ojúlówó méjèèjì náà o.

Àǹkẹ́_O
Ó ṣiṣẹ́ lára àwọn kan. Lára àwọn tí gegele wọn ga, ó dín kù, kò lọ tán. Títò ó kó bára mu gan-an ló mú mi láàágùn. Tó bá fi píkísẹ́lì méjì péré yẹ̀, ojú èèyàn á di méjì. Mo máa ṣe èyí fún àwọn tí a fẹ́ràn jù nìkan.

Jídé
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn fọ́tò. Tí wọ́n bá kọ nǹkan sí i, ẹ síkáànì ẹ̀yìn náà, 300 tó fún ìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn bá ń hàn gba iwájú, ẹ fi pépà dúdú bò ó lẹ́yìn kẹ́ ẹ tó pa ọmọrí dé.

Ní ti orúkọ fáìlì, mo máa ń fi ọdún ṣáájú, kí wọ́n lè tò tẹ̀léra wọn: `1968_igbeyawo_001_iwaju.tif`, lẹ́yìn náà `1968_igbeyawo_001_ehin.tif`. Tẹ́ ẹ ò bá mọ ọdún dájú, `196x` náà dáa. Ẹ má fi àmì ohùn sínú orúkọ fáìlì, torí ó máa ń dàrú tẹ́ ẹ bá gbé e láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíì. Orúkọ àwọn èèyàn pẹ̀lú àmì wọn, inú Description fáìlì ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.

Tẹ́ ẹ bá parí, tí ẹ bá ń lo Linux, ẹ wọ fódà yẹn kẹ́ ẹ kọ èyí:

```
sha256sum *.tif > akojo.sha256
sha256sum -c akojo.sha256
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń ṣe àkọsílẹ̀ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ da àkọsílẹ̀ náà kọ mọ́ àwọn fọ́tò lórí háàdì dísìkì kejì. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ṣe ìlà kejì níbẹ̀. Fáìlì tí báìtì kan ṣoṣo bá yí padà nínú ẹ̀ á gbé FAILED jáde, ẹ ó sì mú èyí tó dáa láti ibòmíì. Àwọn ẹlòmíì máa ń mọ̀ pé fọ́tò ti bàjẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti da èyí tó bàjẹ́ kọ lé gbogbo ẹ̀dà tó kù lórí.

Kọ́lápọ̀
Jídé, o ṣeun, mo máa lo ìyẹn fún JPEG mi. Ìbéèrè kan: ṣé 24-bit tó fún àwọn aláwọ̀ tó ti pọ́n gan-an, àbí 48-bit?

Olùṣọ́ Àwòrán
Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì parí láàárín àwa tá a ń ṣe iṣẹ́ yìí. 48-bit á sọ fáìlì di ìlọ́po méjì, LZW kì í sì í fún un pọ̀ dáadáa. Fún fọ́tò tó ṣì ní àwọ̀ ẹ̀, mi ò rí èrè níbẹ̀. Fún èyí tó ti ṣá débi pé àwọ̀ pupa nìkan ló kù, èmi máa ń lò ó, torí fífà tí mo máa fa àwọ̀ yẹn á pọ̀. Ẹlòmíì tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ pé pépà tó ti ṣá ò ní ohun tó máa kún 48-bit.

Ìyá Méjì
Ẹ má bínú, mo tún dé. Mo fi kámẹ́rà ya ti férémù yẹn bẹ́ ẹ ṣe wí, ó mọ́, àmọ́ ojú èmi fúnra mi àti iná òkè ń hàn nínú dígí.

Olùṣọ́ Àwòrán
Àǹtí, ẹ pa iná òkè, kó ku àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gé ihò tí lẹ́ńsì lè gbà sí àárín aṣọ dúdú kan, kẹ́ ẹ ta á síwájú ara yín. Tó bá ṣì ń hàn, ẹ fa iná méjèèjì yẹn sẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ sún kámẹ́rà jìnnà díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi lẹ́ńsì fà á mọ́ra.